Ìwàásù Ló Gba Lẹ́tà F

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lọ́sẹ̀ kan tí Ọlákìtán, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Festac, ń gun àtẹ̀gùn ilé Dádì Adédìran, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ náà ti sú u. Géèmù ṣẹ́ẹ̀sì, ayò òyìnbó tí Dádì máa ń ta lórí kọ̀ǹpútà, tún kọ̀, kò ṣí.

Inú háàdì díìsìkì kékeré tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà ni géèmù náà wà. Lẹ́tà F ni kọ̀ǹpútà fi ń pe háàdì yìí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé géèmù sí i, F náà sì ni géèmù ṣì ń wá. Lónìí, G ló ń jẹ́.

“Dádì, kí lẹ kọ́kọ́ kì bọ kọ̀ǹpútà lónìí?”

“Fláàṣì ìwàásù ni. Ọlọ́run ló ń ṣíwájú nílé yìí láràárọ̀.”

Ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ kì bọ kọ̀ǹpútà ló ń gba F; fláàṣì ti gbà á. Ọlákìtán mí kanlẹ̀. Ó yí lẹ́tà fláàṣì sí P, ó dá F padà fún háàdì, géèmù sì ṣí. Ó ṣàlàyé ohun tó ṣe.

Dádì bọ́ awò ojú rẹ̀. “O lé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kúrò nípò nítorí ṣẹ́ẹ̀sì? Dá F rẹ̀ padà fún un!”

Ọlákìtán dá a padà, ó yọ géèmù kúrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sí G látìbẹ̀rẹ̀. Dádì ti tan ìwàásù. Sùúrù ni oníwàásù ń sọ̀rọ̀ lé lórí.