Ìlà Tí Mo Yọ Nínú Ìwé Hándófà Mi

Níbi iṣẹ́ wa ní Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin, níbi tí a ti ń tọ́jú oògùn fún àwọn ilé ìwòsàn, àṣà kan wà tí mi ò fẹ́ràn rí. Bí olórí ikọ̀ bá ń lọ, ó gbọ́dọ̀ ka ìwé hándófà rẹ̀ sétí gbogbo èèyàn lẹ́yìn àdúrà, kí a tó pín míìtì-páì. Ta ló fẹ́ dúró síwájú míìtì-páì ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀?

Mo kọ tèmi dáadáa. Iṣẹ́ tó kù: kí a ya àwọn oògùn tí ọjọ́ wọn fẹ́ pé sọ́tọ̀. Ìpinnu tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá: ṣé a máa ra bátìrì ínfátà tuntun fún yàrá òtútù, àbí a máa fi ti àtijọ́ rọ́jú. Lábẹ́ àkọlé “ewu”, mo kọ́kọ́ kọ òótọ́: bí yàrá òtútù bá ń gbóná, fóònù èmi nìkan ni álààmù ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Ọ̀gá ti ní kí n fi nọ́ńbà àwọn yòókù sí i tipẹ́, mo sì ti sọ fún un pé mo ti ṣe é. Irọ́ ni. Mo pa ìlà náà rẹ́, mo kọ “kò sí”. Mo ní màá sọ ọ́ fún àbúrò obìnrin tó ń gba ipò mi bó bá ku àwa méjì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mo jẹ míìtì-páì méjì, mo wá sílé ní Fẹ́sítákì. Mi ò sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, mo yọ fóònù nínú báàgì. Àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Yàrá òtútù ti gbóná dé díígírì mẹ́tàdínlógún, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá mẹ́jọ. Mo pe àbúrò yẹn nílé rẹ̀ ní Alákijà. Ẹ wo ohun tí ẹnu mi sọ:

“Mo kàn ní kí n kí ẹ ni o. Ṣé sítọ̀ wà dáadáa?”

“Kò sí wàhálà, mà. Álààmù ò pè mí.”

“Kúkú yà síbẹ̀ wò.”

Nígbà tó débẹ̀, iná ti lọ láti òwúrọ̀, bátìrì ti kú. Gbogbo abẹ́rẹ́ àwọn alátọ̀gbẹ ló bàjẹ́. Ọ̀gá ní àbúrò náà ò bójú tó iṣẹ́, ó fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kó fi palẹ̀ mọ́. Mo gbọ́. Inú bí mi sí ara mi, síbẹ̀ mi ò jẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó fi ìwé kan ránṣẹ́ sí mi. Òun náà fẹ́ ka hándófà tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì. “Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá mo fo nǹkan.”

Ó ti wá yẹ álààmù wò. Lábẹ́ àkọlé “ewu”, ó kọ ọ́: “Nọ́ńbà olórí àná nìkan ló wà nínú álààmù. Ó dá mi lójú pé àǹtí ò mọ̀, torí ká ní wọ́n mọ̀ ni, wọn ì bá ti sọ fún mi nígbà tí wọ́n pè mí pé kí n lọ wò ó.”

Mo jókòó ti gbólóhùn yẹn títí tí tíì mi fi tutù. Lẹ́yìn náà mo pa apá kejì rẹ́, mo kọ orúkọ mi síbẹ̀, mo kọ: “Ó mọ̀.” Mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò náà, mo sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá.