Ojú-Ìwé Kẹrin Tí Kò Wọlé

Àkànní, ọkọ mi. Ọmọ Ajílété. Àkànní tó ta àgádágodo l'Ásáfò nílẹ̀ Àṣáńtì títí irun orí rẹ̀ fi funfun, síbẹ̀ tí kò ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò rí. Baba ọmọ méje, baba àwọn tí kò bí. Ẹni tí àwọn Àṣáńtì ń pè ní wọ̀fà, ìyẹn arákùnrin ìyá wọn, tí àwọn Haúsá ń pè ní alhaji kó tó rí ọ̀nà Mẹ́kà. A-gbọ́-tẹnu-méjì-kó-tó-dájọ́. Sùn re o, Àkànní. Mo kọ́kọ́ kì ọ́ ná, torí ẹni tó bá dárúkọ òkú láì kì í, bí ẹni wọlé onílé láì kí i ni.

Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Kíláàsì mẹ́ta ni mo ṣe kí wọ́n tó gbé igbá ọjà lé mi lórí. Ṣùgbọ́n n kì í gbàgbé ènìyàn. Gbogbo àwọn tó wá wo àìsàn ọkọ mi nílé wa ní Sàwábà lọ́sẹ̀ tó lò kẹ́yìn, mo mọ orúkọ wọn, mo mọ orúkọ ìyá tó bí wọn. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ẹni tó bá ka èyí tó sì wá, ó mọ ara rẹ̀.

Ọmọ kan ló wà nílé pẹ̀lú wa nígbà náà, ọmọ tí àkọ́bí wa obìnrin bí. Ọwọ́ wa ló dàgbà sí. Ọdún kẹta rẹ̀ nìyẹn ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nínú ìlú, ìṣirò ló ń kọ́. Bó bá ń bá mi sọ̀rọ̀ Yorùbá, kó tó dé ìparí ọ̀rọ̀ á ti bọ́ sínú Twi, màá sì ní kó padà wá gbé mi.

Pálọ̀ la tẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá sí, lẹ́bàá fèrèsé, torí afẹ́fẹ́. Ibẹ̀ náà nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń dúró nínú ilé wa. Nítorí náà, ibi tí aláìsàn wà ni akẹ́kọ̀ọ́ wà.

Ní Tọ́sìdeè, iṣẹ́ kan wà tí olùkọ́ rẹ̀ fún wọn. Ó ní ọwọ́ ni kí wọ́n fi kọ ọ́, kí òun lè rí bí kálukú ṣe rìn ín dé ìdáhùn, kí wọ́n yà á ní fọ́tò, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí ìkànnì ilé-ìwé kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Bí aago bá ti lù, ìkànnì á tì. Ojú-ìwé márùn-ún ni ti ọmọ wa. Ó tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì bàbá, ó ń yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá ń fi àtàǹpàkò tẹ etí ìwé mọ́lẹ̀ fún un kí afẹ́fẹ́ má gbé e.

Lẹ́yìn náà ló wá ń fi wọ́n ránṣẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan. Ìkínní wọlé. Ìkejì wọlé. Ìkẹta. Ìkẹrin ṣì ń yí lójú fóònù nígbà tí bàbá ní, "Omi." Mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń ká aṣọ. Ó gbé fóònù sórí fèrèsé, ó lọ bu omi, ó gbé orí bàbá sókè, ó fún un mu. Nígbà tó máa padà dé, ojú fóònù ti ṣú. Ó tan án, ó mú ìkarùn-ún, ìyẹn wọlé, ó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago márùn-ún lù. Mo gbọ́ tó pariwo, "Alihamudulilai!" Èmi náà ṣe àmín, n kò mọ ohun tí mò ń ṣe àmín sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni mo rí i tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Màmá, mo ti kú."

"Kú bí i ti báwo? Nínú ilé tí aláìsàn wà? Tu ọ̀rọ̀ yẹn dànù!"

Ó fi fóònù hàn mí. Ìkínní, ìkejì, ìkẹta, ìkarùn-ún. Ìkẹrin kò sí níbẹ̀, ìkànnì sì ti tì láti àná. Ojú-ìwé kẹrin yẹn ni iṣẹ́ tó tóbi jù wà. Olùkọ́ sì ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà pé iṣẹ́ tí kò bá pé, òdo ni. Bí òdo bá sì bọ́ sínú ẹ̀kọ́ yẹn, ọmọ wa kò ní bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọdún kẹrin.

A rò pé bàbá sùn. Kò sùn.

"Omi tí mo ní kó bù fún mi ni," ó ní. Ó yí ojú sí ògiri. Mo gbé kókó, ẹ̀kọ mímu wa, dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní òun ò mu. Mo fi oyin sí i, ó ní òun ò mu. Ọ̀rọ̀ ti wá di méjì mọ́ mi lọ́wọ́: ọmọ tó fẹ́ pàdánù ọdún kan, àti ọkùnrin tó fẹ́ gbé ẹ̀bi ọdún náà lọ.

Mo ní kí ọmọ kọ̀wé sí olùkọ́ rẹ̀ kíá. Ó kọ ọ́, ó kà á fún mi. Kò ju ìlà kan lọ: Sà, ojú-ìwé kẹrin mi ò lọ o, ẹ jọ̀ọ́.

"Ẹgbẹ́ ẹ ni?" mo ní. "Ọmọ tí mo fọwọ́ mi tọ́ ló ń sọ báyìí sí ẹni tó jù ú lọ? Kọ nǹkan tí mo bá sọ." Mo wá bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó kí i kú àárọ̀, kó kí i kú iṣẹ́ ọpọlọ, kó béèrè aya, kó béèrè ọmọ, kó kí i kú ọ̀gbẹlẹ̀, kó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ lórí àwọn ọmọ ọlọ́mọ...

"Màmá, mepaakyɛw! Ọkùnrin yẹn á ti sùn kó tó dé ibi tí ojú-ìwé kẹrin wà."

"Ṣé o rí i, mepaakyɛw tó o fi bẹ̀ mí yẹn, ìkúnlẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Èwo lo fi sínú ti olùkọ́?"

Ohùn kan wá láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Kọ ọ́ pé èmi ni. Kọ ọ́ pé arúgbó kan tó ń ṣàìsàn ló pè ọ́. Èmi ni kó bá wí."

"Bàbá, kò ní gbà á gbọ́," ọmọ wí. "Láàárín sáà yìí nìkan, bàbá àgbà mẹ́rin ló ti kú ní kíláàsì wa. Ọ̀kan nínú wọn kú lẹ́ẹ̀mejì."

Èjìká bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́, mo sì ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ó yí ojú padà sọ́dọ̀ wa.

"Ó dáa. Tìrẹ ò tíì kú, kò lè bá wọn du ipò. Yọ tèmi kúrò níbẹ̀. Kí i lẹ́ẹ̀kan péré, jẹ́ kó mọ ẹni tó o jẹ́, kó o wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ohun tó jẹ́ àṣìṣe ẹ, má fi pamọ́. Bí mo ṣe máa ń ní kí wọ́n bá mi kọ̀wé sí àwọn tó ń kó ọjà ránṣẹ́ sí mi láti èbúté Tẹmá nìyẹn, wọn ò sì já mi kulẹ̀."

Ohun tó fi ránṣẹ́ nìyí. Òyìnbó ló fi kọ ọ́, ó túmọ̀ rẹ̀ fún èmi àti bàbá kó tó lọ. Ó kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà tí ilé-ìwé fún un. Ẹ káàárọ̀, sà. Mo fi iṣẹ́ tí ẹ fún wa ránṣẹ́ lánàá kó tó di aago márùn-ún. Ojú-ìwé márùn-ún ni. Nígbà tí mo wò ó láàárọ̀ yìí, mo rí i pé ìkẹrin kò wọlé. N kò yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn, àṣìṣe mi ni. Fọ́tò náà nìyí, bí mo ṣe yà á lánàá gan-an. Ìwé fúnra rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo lè mú un wá sí ọ́fíìsì yín. Mo bẹ̀ yín, sà, bí ààyè bá wà, ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Ẹ ṣé púpọ̀.

Lórí fọ́tò yẹn, èmi ni mo fẹ́ bà á jẹ́ o. Àtàǹpàkò bàbá hàn létí ìwé, etí aṣọ ìbora náà hàn. Mo ní, "Ya òmíràn tó mọ́ tónítóní. A kì í gbé abọ́ tí a kò fọ̀ fún àgbà."

Ó ní, "Rárá o. Èyí tó dọ̀tí yìí ni aago àná wà nínú ẹ̀. Bí mo bá ya tuntun, á sọ pé òní ni mo kọ ọ́."

Ímeèlì ló fi gbé e lọ, bí olùkọ́ ṣe fẹ́. A wá ń dúró. Ó ń wo fóònù, bàbá ń wò ó, èmi ń wo bàbá. Àwọn ọkùnrin tó wá kí wa kọjá lọ sí mọ́sáláṣí. Wọ́n kírun Jímọ̀ tán, wọ́n padà dé. Kò tíì sí nǹkan kan.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe alásàrí nígbà tí fóònù dún. Ọmọ kà á nínú, ó wá kà á síta fún wa. Olùkọ́ ní òun ti rí i. Ó ní aago tó wà nínú fọ́tò ṣáájú àkókò, àti pé ìdáhùn tó wà lójú-ìwé karùn-ún, láti inú ìkẹrin ló ti jáde, ẹni tí kò bá ṣe ìkẹrin kò lè dé ibẹ̀. Ó ní òun ti ṣí ìkànnì padà fún ọmọ wa nìkan, títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní òun ò ní yọ máàkì kankan. Ó ní kó ka ojú-ìwé rẹ̀ pé kó tó tẹ bọ́tìnnì, lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹnikẹ́ni má pe ọmọ yìí o!" bàbá wí. Ohùn tí a kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. "Bí ilé bá ń jó, ẹ jẹ́ kó jó díẹ̀ ná."

Ọmọ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó di fóònù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni di ẹyin mú. Ó ń yí. Ó ń yí. Mo rí ètè bàbá, ó ti gbẹ, ó ń fi ahọ́n lá a. Mo nawọ́ sí ife, ó mi orí fún mi pé rárá. Nǹkan aláwọ̀ ewé kan yọ lójú fóònù. Ọmọ kò tíì yọ̀, ó gbé e dé iwájú bàbá. Bàbá kò mọ òyìnbó kà, ṣùgbọ́n ó mọ oye. Ó nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún. Ó pé. Tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Bàbá mí kanlẹ̀, ó ní kí n gbé omi òun wá. Ó mu ún tán. Ó tún mu kókó tó ti tutù láti àárọ̀, kò jẹ́ kí n gbé e kaná. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn ó ń bá ọmọ tàkúrọ̀sọ. Ó ní bó bá gba ìwé ẹ̀rí tán, kó má gbàgbé pé òun ló bá a di ìwé mú. Ọmọ ní òun á kọ orúkọ àtàǹpàkò rẹ̀ sí i. Mo ń gbọ́ wọn láti ibi tí mo ti ń ro tuwo, ọkàn mi sì fúyẹ́. N kò ní purọ́, ó fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ kó fúyẹ́ lọ nílé tí aláìsàn wà.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà lọ́jọ́ kejì, bàbá dákẹ́. Àwọn ọmọkùnrin wa wẹ̀ ẹ́, wọ́n dì í ní aṣọ funfun. A sin ín ní ọjọ́ Sátidé yẹn, lẹ́yìn ìrun àílà ọ̀sán, ní ibojì àwọn Mùsùlùmí.