Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Ètò Oṣù Mẹ́ta

Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe máníjà ilé ìtajà aṣọ kan lẹ́yìn ọjà Jankara, ọ̀gá àgbà fún mi ní oṣù mẹ́ta. Bí mo bá ṣe é re, ipò náà di tèmi; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo ń padà sídìí káńtà. Ó ní kí n kọ ohun tí mo fẹ́ ṣe wá.

Ọgbọ́n kún inú mi nígbà yẹn! Mo kọ ọ́ pé oṣù kìíní, n kò ní yí ohunkóhun padà, mà á kàn gbọ́ tẹnu olúkúlùkù òṣìṣẹ́. Oṣù kejì, mà á yanjú ohun kan ṣoṣo tó ń dùn wọ́n jù, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo gbọ́. Oṣù kẹta ni mà á ṣẹ̀ṣẹ̀ mú àbá tèmi jáde. Ọ̀gá ní ó dára.

Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, mo dúró níwájú àwọn òṣìṣẹ́, mo ní, "Ètò àtúnṣe ni mo mú wá o." Wọ́n rọra pàtẹ́wọ́. Láti ìgbà náà, ẹni tí mo bá pè sí ọ́fíìsì, "Kò síṣòro kankan, màdáámù," ni yóò wí. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kọjá, n kò gbọ́ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ohun tí mo bá gbọ́ ni oṣù kejì dúró lé.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ìyá arúgbó kan kanlẹ̀kùn mi ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ìyá akọ̀wé wa tó dàgbà jù ni. Kí n tó kí wọn tán, wọ́n ti ń kúnlẹ̀. Kíá lèmi náà ti wà nílẹ̀. Ta ló fẹ́ jẹ èpè?

"Ẹ jọ̀ọ́, màdáámù, ẹ má sáàkì ọmọ mi."

"Háà, mà! Ta ló ní mo fẹ́ lé e?"

"Ṣebí àtúnṣe lẹ mú dé? Àtúnṣe náà ni wọ́n fi gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ l'Ápápá. Ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan."

Láyé sáàpù yẹn, tí ìjọba ní àwọn ń tún ọrọ̀ ajé ṣe, tí iṣẹ́ sì ń bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, kò sẹ́ni tó gbọ́ àtúnṣe tí kò ní di ẹrù rẹ̀. Èmi tí mò ń gbọ́ rédíò lójoojúmọ́!

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé ẹrù, mo jókòó lórí ìdì aṣọ. Mo ní, "Mi ò ní lé ẹnikẹ́ni o. Kí ló ń dà yín láàmú?"

Ni ẹnu bá tú. Àwọn oníbàárà láti Jankara ń dé ní kùtùkùtù, ṣùgbọ́n Agége ni akápò tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìtajà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń gbé; kó tó dé, wọ́n ti lọ rà níbòmíràn. Oṣù kejì mi rèé! Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, a ṣe kọ́kọ́rọ́ kejì, mo sì fi í sọ́wọ́ akọ̀wé àgbà, ọmọ ìyá yẹn, tó ń gbé nítòsí.

Ọjọ́ tí oṣù mẹ́ta pé, tí ọ̀gá fọwọ́ sí ipò mi, ara mi fúyẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù. Ilé ìyá yẹn ni mo kọ́kọ́ gbà lọ.

"Àtúnṣe yẹn ńkọ́?" ni wọ́n bi mí.

"Ó ti parí, mà."

"Ta ló wá kàn?"

"Èmi ni, mà. Èmi ló tún ṣe."