Omi Tí Ṣubúọlá Pò

Mọ́nsúrátù kì í jẹ oúnjẹ tí kò bá mọ ọwọ́ tó sè é. Ọmọ bíbí Ìsọlọ̀ ni. Ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ ló ti ń ránṣọ, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ṣọ́ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Láti ìgbà tí Ṣubúọlá ti gba yàrá kan lẹ́yìnkùlé ni kò ti gbójú kúrò lára rẹ̀. Obìnrin náà kò lọ́kọ, kò lọ́mọ. Ọsibítù àwọn ọmọdé kan ló ti ń gbálẹ̀. Bó bá sì ti dé, Múfútáù, àbíkẹ́yìn Mọ́nsúrátù tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, ni yóò kọ́kọ́ gbé.

Nígbà òjò ọdún kan, tí ogun ṣì ń jà lápá ìlà-oòrùn, Ṣubúọlá bu àkàrà fún ọmọ náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ara ọmọ ti ń jó bí iná, ó sì ń ṣu omi ṣàà. Mọ́nsúrátù kò wí fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ti dá Ṣubúọlá lẹ́bi.

Ìyá Dáúdà, ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń bá wọn gbé, ní kí wọ́n má fún ọmọ lómi mọ́. "Ohun tó bá wọlé ni yóò jáde," ni ìyá wí. Wọ́n fi aṣọ tó nípọn wé e.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ètè Múfútáù ti gbẹ, ó sì ń nawọ́ sí gbogbo ife tó bá rí. Ṣubúọlá fa awọ ikùn rẹ̀ díẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Awọ náà kò tètè padà.

"Omi ara rẹ̀ ló ń tán, Ìyá Múfú. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́sibítù."

"Ìwọ lo máa gbé ọmọ mi lọ síbi tó o ti ń ṣiṣẹ́?"

"Bí ẹ ò bá fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kí n po omi tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pò fún un."

"Omi tèmi, iyọ̀ tèmi, ṣúgà tèmi. Ojú mi náà ni wàá sì ti pò ó."

Ṣubúọlá se omi, ó jẹ́ kó tutù. Ó wọn ìgò bíà kan àti ààbọ̀ sínú ìkòkò, ó bu ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tó tẹ́ pẹrẹsẹ àti ìdajì ṣíbí iyọ̀ sí i, ó rò ó títí ó fi yòrò. Ó tọ́ ọ wò.

"Kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omi ojú lọ."

"Mu sí i," ni Mọ́nsúrátù wí.

Ṣubúọlá wò ó, ó mu ún. Lẹ́yìn náà ló tú aṣọ lára ọmọ, ó fi aṣọ tútù nù ún, ó sì ń fi ṣíbí fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Múfútáù bì. Mọ́nsúrátù já ife gbà.

"Tó bá bì, ẹ sinmi díẹ̀, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má gba ọyàn lẹ́nu rẹ̀. Omi yìí kò ní dá ìgbẹ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ o. Èyí tó ń jáde ló ń dá padà. Àmọ́ tó bá di pé kò lè mu nǹkan mọ́, tó ń bi gbogbo rẹ̀, tí gìrì mú un, tí ẹ̀jẹ̀ yọ nínú ìgbẹ́, tàbí tó ń sùn tí kò ṣeé jí, ẹ má ṣe dúró dè mí."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Wọ́n kọ́ mi lẹ́yìn tí mo ti sin tèmi."

Ó lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ náà ń mu omi, ó sì ń ṣu. Ẹ̀ẹ̀melòó ni Mọ́nsúrátù fẹ́ rí ìgbẹ́ náà kó tó gbà pé ìfura òun sí Ṣubúọlá tọ̀nà? Ó gbé ìkòkò náà, ó da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà.

Nígbà tí Ṣubúọlá padà dé lọ́sàn-án, ojú Múfútáù ti jìn wọnú. Ó ń sunkún láìsí omijé, kò pẹ́ tí igbe náà fi dákẹ́, kò sì lè di ọmú mú mọ́.

"Ṣé ó mu omi yẹn tán?"

Ṣubúọlá rí ìkòkò tó ṣófo létí gọ́tà. Mọ́nsúrátù pọn ọmọ, àwọn méjèèjì sáré wọ takisí ní Òṣòdì.

Lọ́sibítù, wọ́n fa omi sí ọmọ náà lára, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ibà wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà gbọ́ nípa omi ṣúgà òun iyọ̀.

"Ó dáa gan-an. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dáwọ́ dúró?"

Mọ́nsúrátù wo Ṣubúọlá, ó ń retí kó tú àṣírí. Ṣubúọlá ní ọmọ náà ni kò mu mọ́. Ó yẹ kó dùn mọ́ Mọ́nsúrátù, àmọ́ ńṣe ló ń rò ó pé: kí ló ń bò mí láṣìírí fún, kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?

Nọ́ọ̀sì bi í léèrè omi tí wọ́n ń mu. Ó ní omi kànga ni. Ìsọlọ̀ làwọn ọmọ mìíràn tó wà ní wọ́ọ̀dù náà ti wá, kò sí èyí tó fẹnu kan àkàrà Ṣubúọlá nínú wọn. Ilé ìyàgbẹ́ kò jìnnà sí kànga, òjò sì ti rọ̀.

Nígbà tí Múfútáù tọ̀, tó sì tún sunkún pẹ̀lú omijé, ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù.

Wọ́n padà sílé. Wọ́n ti ń se omi kí wọ́n tó mu ún báyìí, Ìyá Dáúdà náà kò sì jiyàn mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Ṣubúọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò na ọwọ́. Mọ́nsúrátù gbé ọmọ fún un fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó yí àga sí ibi tí yóò ti máa rí àwọn méjèèjì.