Ìwé Kíkà Láàárín Yíyí Ẹja

Ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú: ètò ìkàwé tí àwọn ará ìlú ńlá ń gbé sórí fóònù kò bá tiwa mu ní Ugbonla. Mo ti dán an wò. Iṣẹ́ akáwùńtì ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Igbókọ̀dá, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé mi lọ, òun náà ló ń gbé mi bọ̀. Ìdánwò kan ṣoṣo, ìyẹn ọ́dítì, ló kù kí n tó gba ìwé-ẹ̀rí akáwùńtáǹtì. Mo ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ rí, ó sì dùn mí wọra.

Ètò mi àkọ́kọ́ dára lójú: kí n délé, kí n jẹun, kí n wá kàwé lálẹ́. Irọ́ ni! Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ á ti gbọ̀n mí jìgìjìgì, ẹja tí ọkọ mi kó tòkun dé á sì ti wà nílẹ̀ tí èmi àti ìyá rẹ̀ máa yan. Màá ka ojú ìwé kan ní àkàtúnkà, kò ní wọlé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bú sẹ́kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

Ìyá ọkọ mi wò mí. "Ìyàwó, ṣé wọ́n nà ọ́ nínú ìwé náà ni?"

"Màmá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó ti rẹ̀ mí."

"Tó bá rẹ̀ ọ́, lọ sùn. Èmi á tọ́jú iná alẹ́. Tí àwọn ọkùnrin bá ń ti ọkọ̀ lọ sókun ní ìdájí, màá jí ọ, kí o wá gba iná àárọ̀."

Ojú tì mí. Kí ni àwọn aládùúgbò máa wí, pé ìyàwó ilé ń sùn, ìyá ọkọ ń fẹ́ná? Màmá ní kí ẹni tó bá lẹ́nu wá sọ ọ́ lójú òun.

Bí mo ṣe tún ètò náà tò nìyẹn. Iná àárọ̀ kì í le, ṣe ni ẹja kàn ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ lórí rẹ̀. Tí mo bá ti yí ẹja, màá jókòó ti ìbéèrè kan títí ẹja á fi tún fẹ́ yíyí. Màá kọ ìdáhùn láìwo ìwé, kí n tó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Orí mi á dá ṣáká, nítorí náà ibẹ̀ ni mo kó gbogbo ohun tó le sí. Nínú ọkọ̀, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí mo kọ sórí páálí kékeré nìkan ni mò ń kà. Omi kì í jẹ́ kéèyàn kọ nǹkan. Tó bá di Sátidé, màá fi iye àkókò ìdánwò gan-an ṣe ìbéèrè ọdún tó kọjá látòkè délẹ̀. Alẹ́, oorun ni. Ìwé mi ń rùn bí ẹja, àwọn ará ọ́fíìsì ń fi mí ṣẹ̀sín, mo ní kí wọ́n lọ ra gààrí sí i. Inú mi dùn lásìkò yẹn, mi ò ní parọ́.

Nígbà tí èsì jáde, mo sáré láti èbúté wọlé. "Màmá, mo ti pàsì o!"

Wọ́n gbá mi mọ́ra, wọ́n jó, wọ́n pe orúkọ Olúwa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na abẹ̀bẹ̀ iná sí mi.

"Ó yá, gbà. Ó ti pẹ́ tí èmi náà ti ń fẹ́ sùn lálẹ́."

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tán tí wọ́n ti sùn lọ fọnfọn. Mi ò mọ̀ pé ó ti rẹ̀ wọ́n tó bẹ́ẹ̀.