Máìkì Kejì Tó Ba Ohùn Àlùfáà Jẹ́

Bùrọ̀dá Láyíwọlá tó ń tún rédíò ṣe l'Ọ́jà Igbó ló máa ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Máìkì kan ló ń lò tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ ìkórè ọdún 1956, ó ní òun á lo méjì kí ohùn lè di ńlá. Ó gbé ọ̀kan sí àlùfáà lẹ́nu, ó gbé èkejì jìnnà sí i ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, ó so méjèèjì mọ́ ẹ̀rọ kan náà.

Àlùfáà lanu kí wa. Yéè! Àfi bí ẹni tó wà nínú àgbá epo! Ó sún sẹ́yìn díẹ̀, ohùn tún yí pa dà. Mo ń sín in jẹ, "Ẹ̀-ẹ̀-yin a-a-rá," ni ìyá mi bá gbá mi lórí.

Alàgbà Ọládépò fò dìde. "Láyíwọlá! Bó ò bá tún un ṣe kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn la ó ti gbé ẹ̀rọ wá lọ́dún tó ń bọ̀!"

Láyíwọlá sáré dé ìdí ẹ̀rọ. Ó sọ̀rọ̀ sí máìkì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó dáa. Ó ṣí méjèèjì, ohùn inú àgbá tún dé! Ló bá pa èyí tó jìnnà. Ohùn àlùfáà jáde kedere.

"Ẹ má bínú, sà. Ohùn tètè dé máìkì ìtòsí, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ìkejì. Bí méjèèjì ṣe pàdé nínú ẹ̀rọ, wọ́n ń pa ibìkan nínú ohùn, wọ́n ń gbé ibòmíràn sókè, létòlétò bí eyín òòyà."

Ẹnu Alàgbà ò pa dé. "Méjì wá burú ju ọ̀kan lọ?"

"Èmi gan-an ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, sà, àfi lónìí."

"Ọ̀kan ni kó o gbé wá lọ́dún tó ń bọ̀."