Ilé Inú Àpótí

Nígbà tí àbúrò mi lọ ṣiṣẹ́ ní Kòríà, ó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ fún mi ní yàrá ẹ̀yìn búkà mi ní Niger Street, ní Kano. Láti ìgbà náà, inú eré kan lórí kọ̀ǹpútà la ti ń pàdé. Tí àwọn oníbàárà ọ̀sán bá ti lọ, màá wọlé, òun náà á wọlé, a ó máa rìn kiri nínú ìlú inú eré yẹn, a ó máa sọ̀rọ̀. Mò ń sọ Yorùbá, ó ń fi Pidgin àti Hausa dáhùn. Kano la bí i sí, kí ni kí n ṣe? Kò sẹ́lòmíì nílé tí mo lè bá sọ̀rọ̀.

Ilé kan wà nínú eré náà tí èèyàn méjì lè jọ ní. Wọn kì í tà á lásán. Inú àpótí tí wọ́n ń pè ní loot box ló wà: wàá kọ́kọ́ sanwó, kó o tó mọ ohun tó máa já sí ọ lọ́wọ́. Fìlà ni mò ń rí, bàtà, àga. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé bí mo ṣe ń ṣí i ni ilé wa ń sún mọ́ wa. Ṣebí bí tọ́ńbólà básáà ṣọ́ọ̀ṣì wa náà ni? Tíkẹ́ẹ̀tì òfìfo á tán, olóríire á kù.

Lọ́jọ́ kan ó ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ránṣẹ́, kí n lè rí fìlà tuntun tó dé. Àpótí wa wà lábẹ́ fìlà náà, nọ́ńbà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀. N kò gbọ́ èdè Kòríà, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà. Ti ilé yẹn kò tó ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún.

"Kí nìyí? Kò sí lójú kọ̀ǹpútà tèmi!"

Ó ní òfin ni lọ́hùn-ún: ẹni tó bá ń ta irú àpótí bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe ṣòro rí tó. Ní Belgium, àwọn aláṣẹ kà á sí tẹ́tẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò lè rà á rárá. Àwọn ilé ìtajà ńlá orí fóònù tí wọ́n ti ń gba eré náà máa ń ní kí wọ́n kọ ọ́, ibi yòówù kéèyàn wà, àmọ́ ọwọ́ àwọn tó ṣe eré yìí gan-an la ti gbà á sórí kọ̀ǹpútà. Naijiria kò sì ní irú òfin bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá fi tiwa pa mọ́. Kì í sì í ṣe tọ́ńbólà o, nǹkan kan kì í dín nínú àpótí yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí i, ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Orí mi gbóná. "O ti mọ̀ látọjọ́ yìí, o sì ń wò mí bí ọ̀dẹ̀?"

Yorùbá ló fi dáhùn lọ́tẹ̀ yìí, ó ń wá ọ̀rọ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. "Àǹtí mi, ẹ má bínú. Tí mo bá sọ, ẹ ò ní wá mọ́. Èmi nìkan ni mo wà níbí."

Ó dùn mí wọra. Háà! Èmi tí mo rò pé àánú mi ló ń mú un wá!

Lọ́jọ́ kejì, mo wọlé lẹ́yìn ọ̀sán. N kò fọwọ́ kan àpótí. Ó wá bá mi lábẹ́ igi kan nínú ìlú náà, a jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, a ò nílé. Ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ tirẹ̀.

"Ẹ káalẹ́, Àǹtí mi," ló wí.